Abọ́ Kíkún fún Ológbò Ruxandra

Yàrá kan ṣoṣo ni Ruxandra, aránṣọ, ń gbé ní ìlú Galați, òun, ọkọ rẹ̀, Màmá Zenovia ìyá ọkọ rẹ̀ àti ológbò tí kì í jáde nílé. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kọ́tìnnì tí ológbò ti fà ya ló máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni èébú Màmá Zenovia.

Nígbà tó sú u, ó kan pẹpẹ mọ́ ògiri bí àtẹ̀gùn títí dé fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ sórí èyí tó ga jù kí ológbò lè jókòó máa wo ẹyẹlé. Ó wá ń fi oúnjẹ ológbò náà pamọ́ sínú ihò páálí ẹyin, kó máa fọwọ́ wá a jáde. Kọ́tìnnì rí ìsinmi, ṣùgbọ́n Màmá ò sinmi.

"Ahun! Nílé tèmi, abọ́ kíkún la fi ń ṣe ẹni tó bá wọlé lálejò. Ìwọ ń fiṣẹ́ pa ẹranko kó tó jẹun!"

Lọ́jọ́ kan tí Ruxandra lọ síbi iṣẹ́, Màmá sọ páálí nù, ó to ìgò kùkúńbà kíkan kún gbogbo pẹpẹ, ó sì bu oúnjẹ kún abọ́. Kíá, ológbò ti lá abọ́ mọ́. Ló bá jókòó, ó ń wo bàtà Màmá bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Nígbà tí Ruxandra dé, ó bá Màmá tó ti sá gun orí àga, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti fàya.

"Ẹranko aláìmoore! Mo bọ́ ọ yó!"

Ruxandra ń kó ìgò kúrò lórí pẹpẹ, kò yíjú. "Ó yó, Màmá. Iṣẹ́ lẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá sọ ẹsẹ̀ yín diṣẹ́."