Ìrù Ajá Inú Fọ́tò

Ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa ní Ìta Fájì ni ajá ti bu ọmọ-ọmọ mi kékeré jẹ lẹ́sẹ̀. Igbe rẹ̀ la gbọ́. Kí a tó jáde, ajá ti ń sá lọ. Ìyàwó ọmọ mi, tó wà lókè, ló yọ fóònù, tó ya fọ́tò ajá náà láti ojú fèrèsé.

A fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀méje, a fi yanrìn sí ọ̀kan nínú rẹ̀, bí àwa mùsùlùmí ti ń fọ ohun tí ajá bá fẹnu kàn. Lójú tèmi, ó ti mọ́, ó parí. Mo tẹ́ ẹní fún ọmọ pé kó sùn.

Fọ́tò yẹn tún fọkàn wa balẹ̀. Ajá pupa, ẹnu dúdú, etí méjèèjì dúró ṣánṣán. Bàbá ọmọ náà ní, "Ìyá, Alisésíàn ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀yìn wa nìyí, irú èyí tọ́lọ́pàá ń lò. Dókítà ajá máa ń fún un lábẹ́rẹ́. Kò séwu."

Síbẹ̀, inú ń bí i. A jọ lọ bá ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí náà.

"Ẹ mú ajá yín tó ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ jáde!"

"Ẹ̀gbọ́n, ajá mi ò kúrò lórí ṣéènì látàárọ̀."

"Gbogbo alájá ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà gba fóònù, ó wò ó pẹ́. Kò jà mọ́. Ó fa ajá rẹ̀ wá síwájú mi.

"Ìyá, ẹ má wo ti etí, etí ń tanni jẹ. Tàwọn méjèèjì ló dúró. Ẹ wo ẹnu: ti ajá mi gùn, ó sì nípọn. Ti inú fọ́tò tín-ín-rín. Ẹ wá wo ìrù."

Ìrù ajá rẹ̀ kún fún irun, ó wọ́ sílẹ̀ dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ti inú fọ́tò ká sórí ẹ̀yìn bí ìwọ̀ ẹja.

"Ajá ìbílẹ̀ wa ni. N kò mọ olówó rẹ̀. Ká ní tèmi ni, à bá so ó mọ́lẹ̀, ká máa ṣọ́ ọ bóyá àìsàn yóò yọ lára rẹ̀. Èyí ńkọ́? Ta ló mọ̀ bóyá dìgbòlugi ni? Ẹ gbọ́mọ lọ ọsibítù báyìí!"

Mo rántí ohun kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Lafiaji, ajá dìgbòlugi bu aládùúgbò wa kan jẹ. Ojú ọgbẹ́ jinná, a ti gbàgbé. Ìgbà tó yá, bó bá rí omi nínú igbá, ó máa ń pariwo, kò lè gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.

Mo jí ọmọ lórí ẹní tí mo fọwọ́ ara mi tẹ́. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní ọṣẹ àti omi yẹn dáa, àmọ́ ká má fi yanrìn sójú ọgbẹ́ mọ́. Ó gún un lábẹ́rẹ́ yí ojú ọgbẹ́ ká, ó gún un lápá, ó sì ní ká máa padà wá. A lọ títí wọ́n fi ní ó tó.

Ara ọmọ le. A kò rí ajá náà mọ́, láàyè tàbí lókùú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá gbé ife omi sẹ́nu, mo máa ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi gbé e mì.