Méje Tí Mo Kà sí Oókan

Ọ́fíìsì ìlera ní Ṣakí ni mo ti ń ṣe akọ̀wé lọ́dún tí èéyi ń pa àwọn ọmọdé. Èmi ni mo ń da iye òkú kọ láti inú ìwé abúlé.

Abúlé kan kọ 2 lọ́sẹ̀ kìíní, 7 lọ́sẹ̀ kejì, àpapọ̀ 9. Bí wọ́n ṣe kọ 7 yẹn jọ 1, mo sì kà á sí 1. Àròpọ̀ kò bára mu. Kàkà kí n tún un wò, mo ní ará oko ò mọ ìṣirò, mo sọ 9 di 3. Abẹ́rẹ́ àjẹsára bá gba ibòmíràn tí iye òkú ti pọ̀ jù lọ.

Lẹ́yìn náà, bàbá tó kọ ìwé yẹn wá. Mo ní kí wọ́n ka nọ́ńbà náà fún mi.

“Méje ni, akọ̀wé. Ọmọ mi wà nínú wọn. Àbúrò rẹ̀ ṣì wà láàyè lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́.”