Fódà Tí Mò Ń Ṣí Ní Fúráìdè

Mo ń fọ ọṣẹ kúrò lára ọmọ mi lẹ́yìnkùlé wa ní Amukoko, ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù lẹ́yìn ibà ọjọ́ méjì, nígbà tí ọ̀gá mi obìnrin ní ọ́fíìsì wọlé. Sátidé ni. Kò wá sílé wa rí.

"Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́," ó ní. "Aṣojú wa ní Àbídjan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wa bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àbúrò rẹ ti kú sí ọsibítù."

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ọ́fíìsì wa ní Creek Road ń bójú tó. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ náà.

"Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé sí ọ láti Túsìdeè. O ò rí i ni?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà."

Ká tó dé ọ́fíìsì ní Àpápá ni mo ti mọ ibi tí lẹ́tà náà wà.

Nígbà tí wọ́n fi Outlook, tí a fi ń gba lẹ́tà, sínú kọ̀ǹpútà wa, lẹ́tà fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀. Mo bá ṣòfin fún un. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ wá, kó bọ́ sí fódà tiwọn. Èyí tí wọ́n bá kọ sí gbogbo ọ́fíìsì, kó ní fódà tirẹ̀. Èyí tó bá ti Àbídjan wá, tí "crew" sì wà nínú àkọlé rẹ̀, kó lọ sí fódà Crew, torí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, Fúráìdè ni mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

"Ẹ wo ọmọ Amukoko," àwọn ará ọ́fíìsì ní, "ó ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́."

Inú mi dùn. Mo tún pa gbogbo fódà náà dé sábẹ́ Inbox, ibi tí lẹ́tà ti ń wọlé, kí ojú kọ̀ǹpútà lè mọ́. Nọ́ńbà tó ń fi hàn pé lẹ́tà tuntun wà níbẹ̀ bá wọn pamọ́. Ní Fúráìdè ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi kú, mi ò lọ síbi iṣẹ́, ọmọ mi tí ibà ń ṣe ni mo dúró tì nílé.

Lẹ́tà méjì ló wà níbẹ̀, ti Túsìdeè àti ti Tọ́sìdeè, àkọlé wọn dúdú kirikiri, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí wọn. "Crew: ó ṣe kókó." Inú ń run àbúrò mi, dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ó ń dúró de kí ọ́fíìsì wa fọwọ́ sí i. Fóònù wa ò wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Òfin mi kò ka inú lẹ́tà. Àkọlé àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló wò, ó sì ṣe ohun tí mo rán an.

"Ṣé ìwọ lo ṣe é báyìí?" ọ̀gá mi bi mí.

"Èmi ni, mà."



Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mi bi mí ìgbà tí Àǹkú, àbúrò mi yẹn, ń bọ̀. Mo gbé e lé ẹsẹ̀.

"Àǹkú ò ní bọ̀ mọ́. Wọ́n kọ̀wé pé ká gbà á sílẹ̀. Ìwé náà dé. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa kó irú rẹ̀ síbi tí mi ò ní wò títí di Fúráìdè. Kì í ṣe ibà tìẹ ló fà á. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ibà tìẹ ni."