Ìròyìn Tí Ìyá Rẹ̀ Lè Jókòó Gbọ́

Ọ̀gá mi níbi ìwé ìròyìn kì í bínú sí òkú. Alààyè ló máa ń bá jà. Bí wọ́n bá bí ìbejì ní Kétu, á ní kí n kọ ìlà méjì. Bí ilé ìwé bá fi kíláàsì kan kún tirẹ̀, ìlà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kú ikú tó yani lẹ́nu, ojú rẹ̀ á là, á bọ́ kóòtù, á ní kí wọ́n po tíì wá. Inú rẹ̀ á wá dùn títí di ọjọ́ tí ìwé bá jáde.

Tíṣà obìnrin ni mí nígbà náà, ní ilé ìwé kékeré kan ní Kétu. Òmìnira kò tíì dé, oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀, ẹní bá sì fẹ́ dé Èkó á wọ bọ́lẹ̀kájà, á gbọn eruku ara rẹ̀ nù kó tó wọlé tọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé ni mo máa ń kọ ìròyìn Kétu, Ìkòsí àti Agboyi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá tí mò ń sọ yìí ni olóòtú rẹ̀. Ó ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì dùn. Òun gan-an mọ̀ pé ó dùn, kò sì fi pamọ́ fún wa.

Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ka ìwé rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Ó rò pé ènìyàn kan máa ń rà á, á wọ yàrá lọ, á dá a kà. Ní Kétu, etí la fi ń ka ìwé ìròyìn. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ènìyàn á kó ara wọn jọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, àwọn tí kò ráyè á dúró, télọ̀ á sì kà á láti orí dé ìdí. Òfin bẹ́ǹṣì náà kò ní àwáwí: ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé tí wọ́n tẹ̀ débẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á síta. Wọn kì í ká ìwé sápò níbẹ̀. Àlejò kan fi bébà wé ẹja gbígbẹ wá lọ́jọ́ kan. Wọ́n tú ẹja náà kalẹ̀, wọ́n fi sùúrù gbọ́ ìpolówó ọṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàbá àgbà kan sì béèrè bóyá ọṣẹ náà dára fún orúnkún.

Nítorí náà, bí mo bá ń kọ ìròyìn, bẹ́ǹṣì yẹn ni mo máa ń rí. Mo ti rí ohun tí ìwé ìròyìn lè ṣe níbẹ̀. Kò pẹ́ ṣáájú ikú tí mo fẹ́ sọ yìí ni ọkùnrin kan ṣe ọmọbìnrin kan léṣe ní ọ̀nà oko. Ìwé ìròyìn kejì tó ń bá tiwa du ọjà gbé e jáde. Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga pé àwọn kò ní dárúkọ ọmọ náà nítorí àánú. Wọ́n wá sọ pé ọmọ alápatà tí ilé rẹ̀ kọjú sí kànga ni, pé òun ni àbígbẹ̀yìn, pé ó ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ. Alápatà kan ló wà lọ́dọ̀ wa, kànga kan náà ló sì wà. Wọ́n tún béèrè ohun tó ń wá ní ọ̀nà oko ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ọ̀nà oko ló yẹ kó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ olóòtú. Nípa ọkùnrin tó ṣe é, wọn kò rí nǹkan kan béèrè. Ọmọ náà kò jáde mọ́, wọ́n ní láti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ọ̀gá tèmi náà bínú. Ohun tó bí i nínú ni pé ìwé kejì ló kọ́kọ́ gbọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni káfíńtà kan láàárín wa pa ara rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nínú iṣẹ́. Bó ṣe ṣe é àti ibi tó ti ṣe é, n kò sọ ọ́ nígbà náà, n kò sì ní sọ ọ́ níhìn-ín. Ọlọ́pàá wá, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú adájọ́ tó ń wádìí irú ikú bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí sin ín. Ìyá rẹ̀ kò débẹ̀, nítorí wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá ní ilẹ̀ wa. Ó mọ̀ pé ọmọ òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n sọ fún un. Ó ní ó tó, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ìyókù fún òun láéláé, gbogbo wa sì pa ẹnu mọ́.

Ìyá náà ń ta kẹrosíìnì nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ilé kò gbà á mọ́, orí bẹ́ǹṣì yẹn ló ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Mo kọ ìròyìn náà ní ṣókí. Mo ní káfíńtà kan ní Kétu ti ṣaláìsí, pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, pé ó fi ìyá, ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, pé gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń dárò rẹ̀. Mo fi kún un pé bí nǹkan bá wúwo lọ́kàn ẹnikẹ́ni, kó má dá a gbé, kó wá ẹni tó fọkàn tán sọ fún. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí sí Èkó.

Ó di bébà mi mú bí ẹni di ìrù eku mú. Ó ní, "Tíṣà, kí lèyí? Ibo ló ti ṣe é? Kí ló fi ṣe é? Kí ló fà á?"

Mo ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá kọ bó ṣe ṣe é, ẹlòmíràn wà níbì kan tí ayé ti sú. Ẹ fẹ́ kọ́ ọ ni?"

Ó ní ìwé ìròyìn kì í ṣe ilé ìwé.

Mo ní kí ó má sọ ohun tó fà á nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Irú ikú yẹn kì í sábà ní ìdí kan ṣoṣo, ẹni tó lè sọ fún wa sì ti lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti rí ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí sì ní ìyàwó ló fà á. Mo mọ ẹlẹ́rìí náà. Ìkòròdú ló wà ní ọjọ́ tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí Kétu láti ibẹ̀, Ọlọ́run ló yé. Ìyàwó tó ń wí yìí ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Mo sọ ìyẹn fún un, ohùn mi sì ga. Ó ní kí n máa lọ sílé, pé obìnrin ni mí, pé àánú ló ń ṣe mí. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ibà ń ṣe mí.

Ní Tọ́sìdé, mo jáde ní ilé ìwé, mo rí ọ̀gá tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́lẹ̀kájà, eruku ti sọ kóòtù rẹ̀ di aláwọ̀ méjì. Ó kó bébà gígùn lọ́wọ́, ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láti yẹ àṣìṣe rẹ̀ wò, ìwé gan-an kò tíì jáde. Ó ní òun wá fojú ara òun wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí àpèjúwe òun lè péye. N kò tíì fèsì tí télọ̀ fi rí bébà náà.

Télọ̀ fò dìde. Olóòtú fúnra rẹ̀ gbé ìwé wá sí Kétu, kò tilẹ̀ dúró de Sátidé! Kíá ni gbogbo èèyàn ti dé. Wọ́n gbé ọ̀gá jókòó sáàárín bẹ́ǹṣì, wọ́n bu omi fún un, wọ́n ní kó kà á. Ẹni tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló ti rí i kó kọ ogunlọ́gọ̀ olùgbọ́? Ó wúkọ́ díẹ̀ láti la ohùn. Ó ṣí bébà.

Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, màmá tó fi èjìká kan yín yìí, ìyá káfíńtà náà ni. Wọn ò tíì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn."

Ó yíjú wò ó. Ìyá náà nawọ́ gba ife omi rẹ̀ tó ti ṣófo, ó gbé e sílẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Dádì. Ẹ máa kà."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. "Ní Kétu..." Ojú rẹ̀ sáré lọ sísàlẹ̀ bébà, ó tún sáré padà wá sókè. "Ní Kétu, káfíńtà kan..." Mo ti rí bébà yẹn láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tó ń fò ni àkọlé ńlá, àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti igbe tí ẹlẹ́rìí gbọ́ láti Ìkòròdú. Òógùn bo iwájú orí ọ̀gá. Ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó fo odidi ìlà. Ó tún ka ọ̀kan, ó fo ìpínrọ̀.

Télọ̀ káàánú rẹ̀. Ó ní, "Bóyá eruku ló wọ̀ yín lójú, sà. Ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ n bá yín kà á." Ó sì na ọwọ́ sí bébà náà.

Ọ̀gá gbá bébà mọ́ àyà. Ó ní rárá, òun ń ríran dáadáa.

Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé níbo gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin tí kò gbà rí pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀ gbójú sókè, ó ní, "Wọn ò kọ ọ́ síbí." Òmíràn béèrè ohun tó fà á. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Ohun tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbẹ̀yìn ni pé káfíńtà kan ti ṣaláìsí, pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, pé ó fi ìyá, ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, pé gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń dárò rẹ̀. Ó tilẹ̀ rántí èyí tí mo ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo wá ẹni sọ fún. Ìròyìn mi ló há sórí látòkèdélẹ̀, ó sì kà á pẹ̀lú ohùn dídùn bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. N kò bá a jà.

Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Ó ní, "Ṣé ó tán?"

"Ó tán, Màmá."

"Ẹ ṣeun. Mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ọjọ́ yìí." Ó fọwọ́ tẹ pákó tí wọ́n jókòó lé. "Ẹ ti kọ ọ́ pé káfíńtà ni. Ẹ bá mi fi kún un pé òun ló kan bẹ́ǹṣì yìí."

Ọ̀gá fi ọwọ́ kan etí bẹ́ǹṣì náà, níbi tí wọ́n ti fá a kó má baà gún èèyàn nítan. Ó yọ pẹ́ńsù, ó yí bébà rẹ̀ padà, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn. Kò lọ wo ibi tó torí rẹ̀ wá mọ́. Ó dúró de bọ́lẹ̀kájà, ó padà sí Èkó.

Ní Sátidé, ìwé jáde, ìròyìn náà sì wà nínú rẹ̀ lójú ìwé kẹta, kò tó ìka mẹ́ta. Télọ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi bẹ́ǹṣì. Ìyá náà ní kó jọ̀wọ́ tún ibẹ̀ kà fún òun. Télọ̀ tún un kà.