Ọjọ́ Tí Bàbá Bísíríyù Kò Kí Bàbá Ìyàwó Káàbọ̀

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Bàbá Bísíríyù ní Ipakodo, ní Ìkòròdú, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín ni ti ọjọ́ ìkómọ tó kí gbogbo ayé káàbọ̀ tí kò kí bàbá ìyàwó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín òní nìyẹn! Lọ́jọ́ náà gan-an, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bẹ̀ ni Mardiyah, ìyá ọmọ, ń bẹ̀.

Láti ìgbà tí Mardiyah ti fẹ́ Toheeb, ọmọ Ìwó tó ń yálé gbé ní Ìkòròdú, ni bàbá rẹ̀, Alhaji Láwàl, kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àbúrò ara rẹ̀ ló rán wá so yìgì. "Ṣé ọkùnrin tán ní Ẹ̀pẹ́ ni?" lọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn. Nígbà tó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ọmọ, Mardiyah sunkún ayọ̀, ẹ̀rù sì tún bà á. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi àbùkù kan Alhaji lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn.

Bàbá Bísíríyù ni onílé wọn, òun náà ló máa ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni níbi gbogbo ìkómọ àdúgbò. Toheeb kọ tirẹ̀, ó gbé e lọ fún un. Bàbá kà á, ó yọ awò ojú.

"'Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo yín'? Toheeb, ṣé pápá bọ́ọ̀lù la fẹ́ lọ ni? Olóyè tó ṣojú Kábíyèsí ń bọ̀, Lémọ́ọ̀mù ń bọ̀, ìwọ ń sọ pé ẹ ǹlẹ́ o! O tún ti kọ orúkọ ọmọ síbẹ̀. Àlùfáà kò tíì pe orúkọ, ìwọ ti pè é. Àlejò tuntun ni wàá máa pè é títí Àlùfáà yóò fi sọ ọ́."

"Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kúrú."

Àṣìsọ nìyẹn! Ẹ má dán an wò pẹ̀lú Bàbá. Bí ẹnikẹ́ni bá já lu ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ ni Bàbá máa tún un kà. Níbi ìkómọ kan lẹ́bàá èbúté, wọ́n já lù ú títí ọmọ fi sùn, tó jí, tó tún sùn.

Ọjọ́ pé. Bàbá dìde, ó ká agbádá lé èjìká.

"Ẹ̀yin olóyè wa tí ẹ ṣojú Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin Lémọ́ọ̀mù àgbà àti gbogbo Àlùfáà, kí Ọlọ́run máa gba àdúrà yín. Ẹ̀yin ẹbí ọkọ láti Ìwó, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin àna wa láti Ẹ̀pẹ́, ọmọ a-fi-ọ̀sà-ṣoko, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò ìyá àlejò tuntun, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la fi ń kí yín káàbọ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi wá kò ní kọ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́..."

Ó ti bọ́ sórí ọ̀rẹ́! Kò sì dárúkọ bàbá ìyàwó. Ojú Alhaji Láwàl yí padà. Toheeb fẹ́ lọ sọ ọ́ sí Bàbá létí, ó rántí pé àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò tún bá a lọ, ó jókòó padà. Bàbá kí ọ̀rẹ́, ó kí aládùúgbò, ó kí alásè.

Alhaji dìde, ó na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀ láti máa lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Mardiyah wí. Bí ó jẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń bẹ̀, bí ó jẹ́ onílé, òun gan-an kò mọ̀.

Bàbá Bísíríyù yíjú, ó rí Alhaji lórí ìdúró. Mardiyah rí i bí òógùn ṣe bo Bàbá níwájú orí. Ó dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, tòun ti agbádá, sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Alhaji, mi ò kí yín káàbọ̀. Àlejò là ń kí káàbọ̀. Ẹni tó bí ìyá ọmọ kì í ṣe àlejò nílé ọmọ. Onílé ni yín. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ kí àwa. Ẹ gba ọmọ yín."

Alhaji wo Bàbá, ó wo Mardiyah. Ó fi fìlà sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí ọmọ dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní:

"Mardiyah, o rù. Ṣé wọ́n ń fún ẹ lónjẹ níhìn-ín?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mardiyah bú sẹ́kún.

Ṣé Bàbá gbàgbé ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀? Kò jẹ́wọ́ títí ó fi kú. Bí Mardiyah bá bi í, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èmi Bísíríyù! Kí n gbàgbé àna?" Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, á ní kí wọ́n gbé omi wá.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, Alhaji Láwàl ti Ẹ̀pẹ́ wá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Wọ́n gbé àga fún un láàárín àwọn àlejò pàtàkì, ó kọ̀ ọ́, ó lọ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ olóògbé. Mardiyah lọ kúnlẹ̀ tì í.

"Wọ́n ní kò rántí mi lọ́jọ́ yẹn," ni Alhaji wí. "Kí ló kàn mí? Ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ mi, òun ló dá a padà fún mi. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ."