Onídùúró Ọdún Méjì

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Màmá Kọ́tìnì, kò sì nípọn. Bí ó bá sín níbẹ̀, èmi ni mo máa ń kí i níbí. Mo ń ta bọ́tìnì, òwú àti síìpù. Òun ń rán kọ́tìnì fún ọ́fíìsì, fún ilé ńlá, àti fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó tí wọn kò fẹ́ kí aládùúgbò máa yọjú. Kò bímọ. Ohun tó ní láyé kò ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ, èyí tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rà díẹ̀díẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan, onígbàjámọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ nígbà tí ìyá wọn kú. Èmi ò fẹ́ràn onígbàjámọ̀ yìí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà sọ pé mo fi pa mọ́.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lójú títì, lánlọ́ọ̀dù ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, kí ó mú onídùúró wá. Ta ni yóò mú wá bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọdún méjì ni àdéhùn náà, wọ́n kọ iye owó oṣù kọ̀ọ̀kan sí i, wọ́n sì kọ ọ́ pé bí kò bá san owó tó yẹ kó san láàárín ọdún méjì yẹn, onídùúró ni yóò san án. Màmá Kọ́tìnì bọwọ́ lù ú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

Mo ní, "Ẹ ò tiẹ̀ bi wọ́n ní nǹkan kan?"

Ó ní, "Ìyá Bọ́tìnì, àbúrò mi ni. Kí ni mo fẹ́ bi?"

Ọdún méjì pé. Onígbàjámọ̀ kò san owó oṣù méjì tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó bẹ lánlọ́ọ̀dù, ìyẹn náà sì rí àǹfààní tirẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jọ jókòó, àwọn méjèèjì péré, wọ́n ṣe ìwé tuntun fún ọdún méjì mìíràn, wọ́n sì fi ìdajì kún owó ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó pe Màmá Kọ́tìnì. Onígbàjámọ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ò fẹ́ kó ẹ̀gbọ́n òun lọ́kàn sókè. Ojú ló ń tì í, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó tuntun yẹn wúwo jù fún un. Kò pẹ́ tí lánlọ́ọ̀dù fi ránṣẹ́ sórí fóònù Màmá Kọ́tìnì pé òun fẹ́ ti àbúrò rẹ̀ síta. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ kún ọwọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè tẹ ọ̀rọ̀ kankan. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó fi ìka kan tẹ fóònù, ó sì sọ̀rọ̀ sí i: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ti àbúrò mi síta. Èmi ni mo dúró fún un, mo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní jẹ yín lówó." Ó fi ohùn náà ránṣẹ́, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ lòun bẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù ní sùúrù fún oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé kóòtù dé, orúkọ Màmá Kọ́tìnì sì wà lórí rẹ̀. Gbogbo gbèsè náà ni wọ́n ní kó san, ti àdéhùn àkọ́kọ́ àti ti èkejì, wọ́n sì fi owó tuntun ṣírò gbogbo rẹ̀. Kó tó lè san án, àfi kó ta ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí ìdì aṣọ, ó ń wo òrùlé. Mo gbọ́ tí ó ní, "Tí mo bá tà á, níbo ni màá gbé ẹ̀rọ mi sí?" Ṣé ẹ rí i, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Èmi ni mo fà á lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, ní ọ́fíìsì ibi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó rò. Ọmọdébìnrin kan ni lọ́yà náà, tábìlì rẹ̀ kéré, fáànù tó wà lókè ń pariwo ju atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ. Ó ka ìwé méjèèjì tán.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ bọwọ́ lu èyí tuntun yìí?"

"Rárá. Wọn ò fi hàn mí."

"Ó dáa. Èyí tí ẹ bọwọ́ lù, ọdún méjì ló ní, ó sì ti parí. Èyí tuntun, àdéhùn mìíràn ni, owó rẹ̀ mìíràn, ẹ ò sì sí nínú rẹ̀. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ti àkọ́kọ́ pé bí wọ́n bá tún àdéhùn náà ṣe, tàbí tí wọ́n bá fowó kún un, ẹ ṣì wà níbẹ̀, à bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọn ò kọ ọ́."

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun!"

"Ẹ dúró ná, mà. Owó oṣù méjì tó kẹ́yìn àdéhùn àkọ́kọ́, ìyẹn wà lọ́rùn Màmá. Àdéhùn tuntun kò pa á rẹ́." Ó kọjú sí Màmá Kọ́tìnì padà. "Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìwé tuntun yìí, ṣé ẹ kọ nǹkan kan sí lánlọ́ọ̀dù? Kódà lórí fóònù?"

"Mi ò kọ. Mo sọ ọ́ ni."

Màmá Kọ́tìnì gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Lọ́yà gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbọ́ ọ.

Níkẹyìn ó ní, "Ká ní ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì forúkọ yín sí i, ẹ̀rù ì bá bà mí gan-an. Òfin ní kí ìlérí onídùúró wà ní kíkọ, kí ẹni tó ṣe é sì fọwọ́ sí i. Èmi gbà pé ohùn lásán kò tó. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra bí adájọ́ ṣe máa gbọ́ ọ."

Bí a ṣe jáde ni mo fa Màmá Kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ẹ sọ pé kì í ṣe ohùn yín. Ṣebí gbogbo obìnrin ló lè dún bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí títí ojú fi tì mí. "Kí n sẹ́ ohùn ara mi nítorí ṣọ́ọ̀bù? Tí mo bá sẹ́ ẹ, ta ló tún máa gbà mí gbọ́ tí mo bá ní kọ́tìnì rẹ̀ máa ṣetán lọ́jọ́ Sátidé?"

Inú bí mi. Ìwà tó dáa kì í san gbèsè.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Yàrá kóòtù náà kéré, bẹ́ǹṣì rẹ̀ le, kọ́tìnì fèrèsé rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rí i tí Màmá Kọ́tìnì ń wò ó, tí ọwọ́ ń yún un láti tún un ṣe. Onígbàjámọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó tẹ orí ba. Lánlọ́ọ̀dù kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní onídùúró kò lè sọ pé òun ò mọ̀, torí òun ní ẹ̀rí. Ó sì gbé fóònù rẹ̀ sókè.

Ohùn náà jáde. Gbogbo kóòtù gbọ́ ọ: *Èmi ni mo dúró fún un, mo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.* Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Adájọ́, ọkùnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, ní, "Màmá, ṣé ohùn yín nìyí?"

Lọ́yà wa ò gbójú sókè. Onígbàjámọ̀ gbé orí sókè nígbà náà, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo di bẹ́ǹṣì mú.

Ó ní, "Ohùn mi ni, sà."

Lánlọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín músẹ́.

Adájọ́ ní, "Kí lẹ ní lọ́kàn tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí wọ́n má ti àbúrò mi síta ni, sà. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n ti ṣe ìwé mìíràn, wọn ò sì sọ fún mi pé owó ti lé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ gbọ́ yẹn, mo sọ ọ́."

Adájọ́ kọ̀wé, ó tún kọ̀wé. Mo rò pé ó ti tán, pé ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Mo ti ń ronú ibi tí àwa méjèèjì máa há mọ́ nínú tèmi.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó bi lánlọ́ọ̀dù: "Nígbà tí ẹ ń ṣe ìwé tuntun, tí ẹ ń fowó kún un, kí ló dé tí ẹ ò pe onídùúró kó wá fọwọ́ sí i?"

Lánlọ́ọ̀dù ní, "Mo rò pé ó ṣì wà níbẹ̀, sà."

Adájọ́ ní ìrònú kì í ṣe ìbuwọ́lùwé. Ó ní ọdún méjì ni obìnrin yìí dúró fún, iye owó tó mọ̀ ló sì dúró fún. Ó ní ohun tó sọ sórí fóònù, ẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbọ́n ni, kò sì sí ní kíkọ, kò lè so ó mọ́ àdéhùn tí kò bọwọ́ lù. Gbèsè àdéhùn tuntun, onígbàjámọ̀ nìkan ló ni ín. Ṣùgbọ́n oṣù méjì tó kẹ́yìn àdéhùn àkọ́kọ́, Màmá Kọ́tìnì gbọ́dọ̀ san án, ní iye owó àtijọ́, kì í ṣe ti tuntun.

Èmi ni mo sunkún. Òun kò sunkún. Ó ta ẹ̀rọ rẹ̀ kejì, ó san owó oṣù méjì náà, ó sì gba rìsíìtì.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ lánlọ́ọ̀dù rò pé ó ṣeé ṣe. Ó fún onígbàjámọ̀ ní ìwé mìíràn pé òun á jẹ́ kó dúró, kó sì máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá lè bọwọ́ lù ú. Onígbàjámọ̀ gbé e wá. Màmá Kọ́tìnì ní, "Kà á fún mi. Gbogbo rẹ̀." Ó kà á débi tí wọ́n kọ ọ́ pé onídùúró wà níbẹ̀ títí ayálégbé yóò fi kó jáde, iye ìgbà yòówù kí wọ́n tún àdéhùn ṣe, iye yòówù kí owó lé dé. Lánlọ́ọ̀dù ti gbọ́n. Màmá Kọ́tìnì ká ìwé náà, ó dá a padà fún un. Kò pariwo. Àbúrò rẹ̀ mú un, ó sì jáde lọ.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí lánlọ́ọ̀dù fi gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, onígbàjámọ̀ gbé àga kan ṣoṣo tó kù fún un dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó dúró tì í. Màmá Kọ́tìnì ti na okùn sí igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti fi kọ́tìnì pààlà. Àyè tí ẹ̀rọ tó tà wà tẹ́lẹ̀ ni.

Ó ní, "Wọlé. Wàá máa sanwó fún mi lóṣooṣù, kò pọ̀. Àmọ́ kí o tó gbé àga yẹn wọlé, mú onídùúró wá."

Ó rò pé eré ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin náà ni..."

"Èmi ni lánlọ́ọ̀dù. Lọ bẹ ẹlòmíràn, kí o mọ bó ṣe rí."

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ọ̀dọ̀ mi, èmi tí kò kí tọkàntọkàn rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, níwájú bọ́tìnì mi. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo wò ó. Mo wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ náà. Mo wá gbọ́ ohùn ara mi:

"Ọdún mélòó? Èló lóṣù? Tí wọ́n bá sì fowó kún un, ṣé wọ́n á pè mí?"