Nọ́ńbà Kan, Awakọ̀ Méjì

Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, áàpù tí mo fi irinṣẹ́ orí ayélujára tò pọ̀, láìkọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, fúnra mi, fún awakọ̀ méjì ní nọ́ńbà kan náà láti wọ èbúté Àpápá.

“Nọ́ńbà mi ti wọlé, èmi sì wà níbí,” ni awakọ̀ kejì, bàbá tó ti sun ọjọ́ mẹ́ta nínú tírélà ní Malu Road wí. “Àbí iwin ló ń bá mi wakọ̀?”

“Ẹ má bínú, sà.”

Àwọn méjèèjì ti tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà, áàpù sì ka ogójì, nọ́ńbà tó fún èèyàn kẹ́yìn, fún àwọn méjèèjì kó tó kọ mọ́kànlélógójì sílẹ̀, ni àwọn méjèèjì bá gba mọ́kànlélógójì. Mo wá ibi tí mo ti lè sọ fún áàpù náà pé kí ẹnì kejì dúró ná títí yóò fi dá ẹnì kìíní lóhùn. Kò sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù lọ́sàn-án yẹn.

Mo kọ méjìlélógójì sórí ìwé fún bàbá náà, mo sì rí i tó wọlé. N kò fojú kan ẹni àkọ́kọ́ tó ti fi mọ́kànlélógójì wọlé rí.